Ẹ Kí Wọn, Kí Ẹ sì Jíṣẹ́ Yín

Ní aago 8 àárọ̀, oníbàárà kan fi "Ẹ káàárọ̀, mà" ránṣẹ́ sí aránṣọ rẹ̀ lórí Wásáàpù, ó sì dúró. Aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ, aago 10 ló tó dáhùn pé, "Ẹ káàárọ̀ o." Oníbàárà ti wọ ìpàdé. Nígbà tí yóò fi béèrè bóyá ìró àti bùbá òun ti ṣetán, aago 1 ti lù, aránṣọ sì ti lọ sọ́jà. Ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó gbọ́ èsì.

Lójúkojú, kíá ni ìkíni àti ìdáhùn ń parí, nítorí àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Lórí fóònù, gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kọjá sí òdìkejì ló ń dúró de ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Ẹni tó rí ìkíni lásán kò sì mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ni tàbí owó ni wọ́n fẹ́ yá, ló bá fi í sílẹ̀ ná.

Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni pa ìkíni tì. Ìwà ọmọlúàbí ni. Ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ fẹ́ tẹ̀ lé e nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà: "Ẹ káàárọ̀, mà. Èmi ni mo ni ìró àti bùbá aláwọ̀ ewé. Ṣé ó ti ṣetán? Ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́." Aránṣọ á wo aṣọ, á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹgẹ́ nìkan ni kò yẹ ní kíkọ tán. Síbẹ̀, ẹ lè kọ pé, "Ọ̀rọ̀ ilé ni, kì í ṣe ohun ìjàyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí lálẹ́."