Kóòdù Lọ Sórí Láìnì Tó Sọnù

Ọ̀la ni ẹdínwó Iléyá máa bẹ̀rẹ̀. Ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, fẹ́ fi fóònù tuntun wọ ilé ìtajà rẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì láti dín owó aṣọ kù. Ó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, ó gbà. Wọ́n tún ní kó tẹ kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́. Orí láìnì tó sọnù pẹ̀lú fóònù àtijọ́ ni kóòdù ọ̀hún lọ. Ìyá ń méfò títí wọ́n fi tilẹ̀kùn mọ́ ọn fún wákàtí mélòó kan.

Ó figbe ta lórí Fesibúùkù. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi pè, ó ní òṣìṣẹ́ ilé ìtajà náà lòun, kí ìyá sanwó kóun bá a ṣí i.

Ọmọ rẹ̀ ní, “Ẹ má dá a lóhùn, Màámi. Gbájúẹ̀ ni. Láìnì yín ni ká lọ gbà padà.”

Wọ́n mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN ìyá lọ sí ọ́fíìsì oníláìnì, wọ́n sì gbé nọ́ńbà àtijọ́ sórí síìmù tuntun. Ó ṣeé ṣe nítorí pé orúkọ ìyá fúnra rẹ̀ ló wà lórí láìnì náà, kì í ṣe ti ọmọṣẹ́.

Nírọ̀lẹ́, kóòdù wọlé. Kí ìyá tó fọwọ́ kan iye owó aṣọ, ó kọ́kọ́ da àwọn kóòdù ìpamọ́ ilé ìtajà náà kọ sínú ìwé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò nílò síìmù kankan.