Ẹ̀fẹ̀ inú káàdì ọjọ́ ìbí: bí a ṣe ń fi ìlà márùn-ún pa ẹlẹgbẹ́ ẹni lẹ́rìn-ín

Ní agbègbè wa, láti Igana dé Pobè àti Sakété, ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Lálẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, orin ẹ̀fẹ̀ a máa fi ìwà ọmọ aráyé ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbangba. Àwọn òyìnbó náà ní ewì yẹ̀yẹ́ tiwọn tí wọ́n ń pè ní límẹ́ríìkì, orúkọ ìlú kan ní Ayalandi. Edward Lear, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká pẹ̀lú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1846. Lónìí, àwọn òṣìṣẹ́ a máa kọ ọ́ sínú káàdì ọjọ́ ìbí ẹlẹgbẹ́ wọn.

Ìlà márùn-ún péré ni. Ìkíní, ìkejì àti ìkarùn-ún gùn, ìparí wọn sì dún bákan náà. Ìkẹta àti ìkẹrin kúrú, àwọn náà sì ní ìparí tiwọn.

Ká sọ pé ọ̀gá kan wà ní ibi iṣẹ́ tó máa ń fi bírò há etí, tí yóò sì máa wá a kiri. A lè kọ ọ́ báyìí:

Ọ̀gá wa fi bírò há sétí,
Wọ́n wá a lábẹ́ gbogbo àpótí;
Wọ́n ní, "Ta ló rí i?"
A ní, "Kò sẹ́ni jí i!
Ẹ kú ọjọ́ ìbí o, ẹ fọwọ́ kan etí!"

Ohùn ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ní èdè wa. Bí a bá fi "ọjọ́ Ẹtì" parí ìlà kejì, lẹ́tà rẹ̀ jọ ti "etí," ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wálẹ̀, etí kò sì ní gbà á. "Àpótí" bá a mu nítorí pé ohùn òkè ló fi parí. Ká kà á sókè kí a tó kọ ọ́ sínú káàdì. Bí a ṣe tún "etí" lò ní ìparí kì í ṣe àbùkù. Lear pàápàá máa ń fi ọ̀rọ̀ ìparí ìlà kìíní parí ìlà ìkẹyìn.

Ẹ wo "wọ́n" àti "ẹ" tí a lò. Bí ó bá jẹ́ "ó" ni a kọ fún àgbà, ẹ̀fẹ̀ ti di àfojúdi nìyẹn. Ẹgbẹ́ ẹni nìkan ni "ó" yẹ.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni àṣà tí a mú. Káàdì kì í parẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu. Gbogbo èèyàn ló ń fọwọ́ sí i, ẹni náà yóò sì gbé e lọ sílé fún ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ kà. Nítorí náà, àṣà tí ẹni náà fúnra rẹ̀ ti máa ń fi rẹ́rìn-ín ni ká mú. Ká má fọwọ́ kan ara rẹ̀, gbèsè rẹ̀ tàbí ilé rẹ̀. Bí ìgbàgbé náà bá sì ti ń di àìsàn, ká fi bírò sílẹ̀, ká wá nǹkan mìíràn sọ.