Ohun tí Lẹ́ǹsì Aláago ń Bá Ojú Ṣe

Bí aláago bá fẹ́ tú ikùn aago ọwọ́, ohun dúdú kékeré kan wà tó máa ń fi há ojú, tí lẹ́ǹsì wà ní ìdí rẹ̀. Yóò wá tẹrí ba títí imú rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aago náà. Ẹni tó bá ń wò ó lè rò pé bó ṣe mọ́ ọn lára láti máa jókòó nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí kò bá súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, lẹ́ǹsì náà kò ní wúlò fún un.

Nǹkan máa ń tóbi lójú wa bó bá ṣe súnmọ́ wa tó. Ká mú lẹ́tà kan nínú ìwé ìròyìn, tó ga ní mìlímítà 2. Bí a bá gbé e sí sẹ̀ǹtímítà 25 sí ojú, yóò ya àwòrán kékeré kan sí ẹ̀yìn ẹyinjú lọ́hùn-ún, níbi tí ojú ti ń gba ìmọ́lẹ̀. Bí a bá sún un mọ́ ojú di sẹ̀ǹtímítà 5, àwòrán yẹn yóò di ìlọ́po márùn-ún. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí la tún ń fi lẹ́ǹsì ṣe? Ẹni tó bá gbé ìwé sún mọ́ ojú báyìí yóò rí ìdáhùn lójú ẹsẹ̀: lẹ́tà náà tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti di bàìbàì, kò ṣe é kà mọ́.

Láti orí gbogbo ibi tó wà lára lẹ́tà náà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń fọ́n ká wọ ojú. Kí àwòrán tó lè hàn kedere, ojú gbọ́dọ̀ tẹ ìmọ́lẹ̀ tó ti ibì kan wá, kó sì kó o jọ padà sí ojú kan ṣoṣo lẹ́yìn ẹyinjú. Bí nǹkan bá súnmọ́ ojú jù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti fọ́n ká jù kó tó dé ojú, agbára ojú kò sì ká a mọ́. Ọmọdé lè rí ohun tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 kedere. Fún àgbàlagbà, 25 ni àwọn tó ń ṣe ìṣirò lẹ́ǹsì fi ṣe òṣùwọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní ọdún 45 mọ̀ pé tiwọn ti kọjá bẹ́ẹ̀: wọ́n ti ń na ọwọ́ jìnnà kí wọ́n tó lè ka ohun tó wà lórí fóònù.

Iṣẹ́ títẹ̀ tí ojú kò lè dá ṣe yìí ni lẹ́ǹsì ń bá a ṣe.

Nínú afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ máa ń rin nǹkan bíi kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá wọ gíláàsì, eré rẹ̀ á dínkù sí nǹkan bíi 200,000. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kojú gíláàsì gangan, eré rẹ̀ nìkan ló máa dínkù, ọ̀nà rẹ̀ kò ní yà. Bó bá dagun wọ̀ ọ́ ni ọ̀rọ̀ máa ń yàtọ̀. Ẹ wo ọmọlanke tí wọ́n ń tì bọ̀ lórí ọ̀dà, tó wá dagun wọ inú iyanrìn. Táyà tó kọ́kọ́ kó sí iyanrìn á falẹ̀, èyí tó ṣì wà lórí ọ̀dà á ṣì máa sáré, orí ọmọlanke náà á sì yí. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí nìyẹn nígbà tó bá ń wọ gíláàsì, yóò sì tún yí lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó bá ń jáde.

Lẹ́ǹsì nípọn láàárín, ó fẹ́lẹ́ létí, ojú rẹ̀ sì wú síta. Nítorí wíwú yẹn, ìmọ́lẹ̀ tó gba àárín gbùngbùn ń lọ tààrà, àmọ́ bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń súnmọ́ etí lẹ́ǹsì tó ni yóò ṣe máa dagun tó, tí yóò sì máa tẹ̀ tó. Ìhà àárín ni gbogbo rẹ̀ ń tẹ̀ sí. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ń fọ́n ká jù fún ojú yóò wá jáde ní ìwọ̀n tí ojú lè kápá. Ojú kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ti ràn án lọ́wọ́. Ó gbà pé ọ̀nà tààrà ni ìmọ́lẹ̀ gbà wá, nítorí náà ó ń rí nǹkan ńlá kan tó jọ pé ó wà lókèèrè lẹ́yìn lẹ́ǹsì.

Oòrùn ọ̀sán àti rúlà tó láti fi mọ agbára lẹ́ǹsì kan. Kí a na lẹ́ǹsì sí oòrùn, kí a gbé bébà sábẹ́ rẹ̀, kí a máa sún un síwá sẹ́yìn títí ìmọ́lẹ̀ orí bébà yóò fi kéré jù lọ. Kí a yára wọn bó ṣe jìnnà sí lẹ́ǹsì, nítorí bébà náà lè gbaná. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi lẹ́ǹsì wo oòrùn fúnra rẹ̀ láéláé. Bí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 sí lẹ́ǹsì, a ó fi 10 pín 25: ìlọ́po méjì àtààbọ̀ ni lẹ́ǹsì náà. Bó bá jẹ́ 2.5, ìlọ́po mẹ́wàá ni, nítorí pé ó jẹ́ kí ojú lè wo nǹkan láti sẹ̀ǹtímítà 2.5 dípò 25. Ìdí tí aláago fi ń tẹrí ba nìyẹn. Bí ohun tí à ń wò bá jìnnà ju ibi ìpàdé yẹn lọ, yóò di bàìbàì, bó bá sì jìnnà gan-an, yóò dorí kodò.

Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ kan tí wọ́n bí ní ìlú Delft ní Nẹ́dálándì ní 1632, lo ìṣirò yìí dé góńgó. Àwọn oníṣòwò aṣọ ayé ìgbà náà máa ń fi lẹ́ǹsì yẹ òwú inú aṣọ wò. Leeuwenhoek wá ń ṣe lẹ́ǹsì tó kéré bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ń há a sáàárín irin pẹlẹbẹ méjì, ó sì ń fi abẹ́rẹ́ gbé ohun tó fẹ́ wò dúró síwájú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tó wà ní ìlú Utrecht títí dòní ń mú nǹkan tóbi ní nǹkan bí ìlọ́po 266, èyí tó túmọ̀ sí pé ibi ìpàdé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó mìlímítà 1. Irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ kan ẹyinjú kéèyàn tó rí nǹkan kan. Pẹ̀lú ìnira yẹn náà, ó rí àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀kán omi, ó sì kọ̀wé nípa wọn sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ́nù ní 1676.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i dájú pé yíyà ìmọ́lẹ̀ láàárín afẹ́fẹ́ àti gíláàsì ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, kó ri lẹ́ǹsì rẹ̀ sínú ọpọ́n omi kó sì fi wo owó ẹyọ tó wà nísàlẹ̀. Agbára rẹ̀ á lọ sílẹ̀ gan-an. Eré ìmọ́lẹ̀ nínú omi kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú gíláàsì, nítorí náà kò sí ohun púpọ̀ tó máa tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ǹsì tí ibi ìpàdé rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 nínú afẹ́fẹ́ yóò di nǹkan bíi 40 nínú omi.

Ìṣirò kan náà ló ń tú àṣírí lẹ́ǹsì ńlá olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 10× sí lára. Lẹ́ǹsì gíláàsì tí ojú rẹ̀ méjèèjì wú bákan náà, tó sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ní tòótọ́, yóò wú bí ara bọ́ọ̀lù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Èyí tó bá fẹ̀ tó 7 kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ láé. Bí a bá gbé e sí oòrùn, ó ṣeé ṣe kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má pàdé títí di sẹ̀ǹtímítà 20. Fi 20 pín 25, ó di 1.25. Àwọn tó ń ta lẹ́ǹsì máa ń fi 1 kún èsì, nítorí ojú tó bá tiraka díẹ̀ lè jèrè tó bẹ́ẹ̀. Kódà pẹ̀lú 1 tiwọn náà, kò tíì dé 3.