Ojú Àwo Kan, Orin Mẹ́rin

Ọ̀pọ̀ àwo jùjú tí Ebenezer Obey àti King Sunny Adé ṣe láàárín ọdún 1970 sí 1979 ló jẹ́ pé orin kan kì í dákẹ́ kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ojú àwo kan lè lọ tó ìṣẹ́jú 18 láìjẹ́ pé ìlù sinmi, bẹ́ẹ̀ orúkọ orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín àwo. Ẹni tó bá gba irú àwo yìí sínú kọ̀ǹpútà, fáìlì gbọọrọ kan ṣoṣo ló máa bá níbẹ̀. Níbo ni kó ti gé e?

Audacity, tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Label Sounds. Ibi tí ohùn bá ti dákẹ́ ló fi ń mọ ibi tí orin parí sí. Àmọ́ nínú jùjú, ìlù kì í dákẹ́. Tí a bá sì fipá mú un, ibi tí ìlù kàn rọlẹ̀ díẹ̀ ló máa fi àmì sí. Etí ẹni ló kù.

Ká ní àwọn elégbè gbe orin àkọ́kọ́ kẹ́yìn ní 5:06. Gìtá ń dá lọ. Ní 5:12, gángan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ní 5:21, olórin gbé orin kejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gé e ní 5:21, ibi tí ẹnu ti là. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Bí ohun tí gángan ń sọ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orin kejì, orin kejì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, 5:12 sì ni ojú ibi tó yẹ kí a gé. Tó bá jẹ́ orin àkọ́kọ́ ló ṣì ń tún sọ, ẹ jẹ́ kó bá orin àkọ́kọ́ lọ. Oríkì ọlọ́lá tí wọ́n ki láàárín, tí bébà kò dárúkọ rẹ̀, èmi máa ń fi sílẹ̀ sínú orin tó ṣáájú rẹ̀.

Bí orin bá ti ń lọ, ẹ tẹ Ctrl+M níbi tí ẹ fẹ́ gé, kí ẹ kọ orúkọ orin síbẹ̀. Ìka máa ń pẹ́ ju etí lọ. Nítorí náà, ẹ fẹ àwòrán ohùn lójú, kí ẹ fa àmì náà padà sẹ́yìn títí tó fi dúró síwájú igi ìlù àkọ́kọ́, níbi tí ìlà ohùn ti kọjá lórí ìlà àárín. Bí ẹ bá gé e níbòmíràn, ó lè dún "kọ́" nígbà tí orin náà bá ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi àmì kan sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá pẹ̀lú, kí orin àkọ́kọ́ lè lórúkọ. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Export Audio, ẹ mú Multiple Files, kí ẹ ní kó pín in gẹ́gẹ́ bí Labels.

Ẹ wá gbọ́ ìparí orin kan wọnú ìbẹ̀rẹ̀ èkejì. Bí ìlù bá kọsẹ̀ níbẹ̀, ó lè jẹ́ MP3 ló fà á, nítorí ó máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ kékeré kún ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí fáìlì. FLAC kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì má pa fáìlì gbọọrọ àkọ́kọ́ rẹ́, torí ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè gángan dáadáa lè sọ pé 5:08 ni.