Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́ Rẹ̀: Ṣíà Mélòó Ni Kí A Rà Lẹ́ẹ̀kan?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n,

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ìyá kan tí wọ́n ti ń dá owó nínú ẹgbẹ́ yìí kí èmi tó di akọ̀wé dìde, wọ́n ní: "Akọ̀wé, mo ní ₦500,000 tí mo yà sọ́tọ̀ fún ṣíà. Ọmọ mi ti sọ èyí tí ó dára fún mi. Gbogbo owó náà ni mo fẹ́ fi rà á." Mo ní: "Mà, bí ó bá wá lọ sílẹ̀ ńkọ́? Èló lẹ lè pàdánù tí ẹ ó ṣì lè sùn?" Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn kò tíì rò ó débẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó-yíyá ni ó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, àyè kò sí láti ṣàlàyé. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ọ.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ra ṣíà, mi ò sì sọ pé kí ó má rà. Ẹni tí ó ń rà tí ó sì ń tà láàrin ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ láti jèrè ni mo ń bá wí, kì í ṣe ẹni tí ó rà tí ó sì tì í mọ́ àpótí de ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe òwò rà-kí-o-tà yìí, kò sí bí ó ṣe gbọ́n tó, yóò ṣì í lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà, kí ó tó béèrè pé, "Èló ni màá jèrè?" ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè pé, "Bí mo bá ṣì í, èló ni yóò lọ lọ́wọ́ mi?"

Òfin tí àwọn tí ó mọ òwò yìí ń tẹ̀lé ni pé ọjà kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ kó ju ₦1 tàbí ₦2 lọ nínú gbogbo ₦100 ojú owó ẹni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i dáadáa, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. A kò sọ pé ₦2 nínú ₦100 ni kí ẹ fi ra ṣíà o. Ohun tí a sọ ni pé bí ọjà náà bá bàjẹ́, tí ẹ sì jáde, kí ohun tí ẹ pàdánù má ju ₦2 nínú ₦100 lọ. Owó tí ẹ fi rà á lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a fi ₦500,000 ti ìyá wa ṣe ìṣirò. ₦2 nínú ₦100 rẹ̀ jẹ́ ₦10,000. Èyí ni gbogbo ohun tí ọjà kan lè kó.

Ká ní ṣíà tí wọ́n fẹ́ rà ń lọ ní ₦25. Ohun kejì tí wọn yóò mọ̀ ni iye tí wọn yóò fi jáde bí ọ̀rọ̀ bá yí padà. Wọn yóò wo bí ṣíà náà ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ó bá sọ̀kalẹ̀ dé ₦22.50 ni àwọn olùrà máa ń gbé e dìde, a jẹ́ pé bí ó bá já kọjá ibẹ̀ dé ₦22, ìdí tí a fi rà á ti bàjẹ́ nìyẹn. ₦22 ni iye ìjáde. Láti ₦25 sí ₦22 jẹ́ ₦3 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbàgbé pé alágbàtà yóò gba tirẹ̀ nígbà tí a bá rà àti nígbà tí a bá tà, àwọn aláṣẹ ọjà àti ìjọba náà yóò sì gba tiwọn. Ẹ jẹ́ kí a fi ₦1 sí i fún gbogbo èyí, kí ẹ sì béèrè iye rẹ̀ gan-an lọ́wọ́ alágbàtà yín. Àdánù orí ṣíà kan wá di ₦4.

Ó kù kí a pín in. ₦10,000 tí a lè pàdánù, ẹ fi ₦4 pín in, yóò fún wa ní ṣíà 2,500. Ní ₦25 ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó tí ìyá wa yóò fi rà á jẹ́ ₦62,500. Èyí tí ó kù nínú ₦500,000 wà nílẹ̀ fún ọjà mìíràn, tàbí kí ó jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ wo ṣíà mìíràn tí ó jẹ́ ₦5, tí iye ìjáde rẹ̀ jẹ́ ₦4.20. Àlàfo rẹ̀ jẹ́ 80 kọ́bọ̀. Bí a bá fi 20 kọ́bọ̀ sí i fún owó alágbàtà àti àwọn yòókù, ó di ₦1. ₦10,000 náà yóò wá ra ṣíà 10,000, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦50,000. Iye ṣíà yàtọ̀, owó rírà yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá bàjẹ́, ₦10,000 kan náà ni yóò lọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀. Iye ìjáde ni ó ń sọ iye ṣíà tí a ó rà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú iye ṣíà tí ó wù ú, tí ó wá ń fa iye ìjáde sókè sódò kí ìṣirò lè bá a mu, ara rẹ̀ ni ó ń tàn.

Ẹnìkan lè sọ pé ₦10,000 ti kéré jù, kí ló dé tí a kò ní fi ₦100,000 wewu, kí èrè lè pọ̀? Ẹ jẹ́ kí a wò ó bí ọjà mẹ́wàá bá bàjẹ́ tẹ̀lé ara wọn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, àní sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí ó ń fi ₦2 nínú ₦100 wewu yóò máa tún ìṣirò rẹ̀ ṣe bí owó ti ń dín: ₦500,000 di ₦490,000, ₦2 nínú ₦100 rẹ̀ wá di ₦9,800, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Lẹ́yìn ìkẹwàá, nǹkan bí ₦408,500 ni yóò kù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jèrè ₦22 ó lé díẹ̀ lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, ó ti padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi ₦20 nínú ₦100 wewu, nǹkan bí ₦53,700 ni yóò kù fún un. Kí ó tó rí ₦500,000 rẹ̀ padà, ó gbọ́dọ̀ sọ èyí tí ó kù di ìlọ́po mẹ́sàn-án ó lé. Èwo ni ẹ rò pé yóò tún lè bá wa ná ọjà lọ́dún tí ń bọ̀?

Òfin yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Pé a kọ ₦22 sílẹ̀ kò ní kí olùrà wà ní ₦22. Ní ọjà ṣíà Èkó, òfin ni pé iye owó ṣíà kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ ju ₦10 nínú ₦100 lọ lọ́jọ́ kan. Bí ìròyìn burúkú bá dé, ṣíà ₦25 yóò já sí ₦22.50 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a ò ì tíì dé iye ìjáde wa. Lọ́jọ́ kejì, ó lè já sí ₦20.25 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láìsí ẹni tí yóò rà á ní ₦22. Bí ìyá wa bá tà á ní ₦20.25, àdánù wọn yóò di ₦14,375, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦3 nínú ₦100. Ó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì wà lórí ìdúró. Ká ní gbogbo ₦500,000 ni wọ́n fi ra ṣíà 20,000 ni, ₦115,000 ni ìbá lọ láàrin ọjọ́ méjì.

Ọdún 2008 kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ẹ̀kọ́ tí ó le ju èyí lọ. Ní Oṣù Kẹta ọdún náà, ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí gbogbo ṣíà ti ń lọ l'Ékòó ti kọjá 66,000. Kí ọdún tó parí, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 31,000. Ní ìparí Oṣù Kẹjọ, àwọn aláṣẹ ọjà pàṣẹ pé ṣíà kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ ju ₦1 nínú ₦100 lọ lóòjọ́. Wọ́n rò pé yóò dá ìṣubú náà dúró. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tí ó fẹ́ tà tò lọ rẹrẹ, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ rà ní iye tí òfin gbé e sí. Ẹni tí ó mọ iye ìjáde rẹ̀ kò rí ẹnu ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé kò rà á púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó fi owó báǹkì rà á ni ìyà jẹ jù, nítorí ṣíà wálẹ̀, gbèsè kò wálẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń ṣírò ojú owó, kí a má ka owó tí a yá mọ́ ọn, ìbáà ṣe owó tí a yá nínú ẹgbẹ́ wa yìí.

Àṣìṣe mìíràn ni kí ènìyàn ra ṣíà báǹkì márùn-ún, kí ó sì fi ₦10,000 wewu lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó máa rò pé ọjà márùn-ún ni òun rà. Ní 14 Oṣù Kẹjọ ọdún 2009, Báǹkì Àpapọ̀ yọ àwọn ọ̀gá àgbà báǹkì márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í mi báǹkì kan kí ó fi èkejì sílẹ̀. Ṣíà tí ìròyìn kan náà lè jọ gbé ṣubú, ọjà kan ni kí ẹ kà wọ́n sí, kí ₦10,000 kan ṣoṣo náà sì wà fún gbogbo wọn.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bí a bá ti ń yẹ̀ kúrò lórí òfin yìí? Ẹ ra ìwé kékeré kan. Kí ẹ tó rà, ẹ kọ iye tí ẹ fi rà, iye ìjáde, àti àdánù tí ẹ gbà láti fara mọ́. Nígbà tí ẹ bá tà, ẹ kọ àdánù tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ìkejì bá ń ju àkọ́kọ́ lọ léraléra, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni ẹ sábà máa bá. Ó lè jẹ́ pé ẹ ń fa iye ìjáde wálẹ̀ bí ṣíà ti ń sún mọ́ ọn, tí ẹ ń sọ pé "yóò padà wá." Ó sì lè jẹ́ pé ẹ ń rà kún un bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀, nítorí pé ó ti pọ́ọ́kú. Méjèèjì ń ba ìṣirò àkọ́kọ́ jẹ́ pátápátá.

Ìyá wa ti wá sí ọ́fíìsì lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, a sì jọ ṣe ìṣirò yìí lórí ìwé. Nígbà tí a dé ibi iye ìjáde, wọ́n pe ọmọ wọn lórí fóònù, wọ́n ní: "Èló ni a ó fi jáde bí kò bá dára?" Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀. Ìyá ká ìwé wọn, wọ́n ní: "Akọ̀wé, ó dìgbà tí ó bá mọ̀ ọ́n kí n tó rà á." Mo rò pé èsì tí ó tọ́ nìyẹn.

Ire o. Ó dìgbà ìpàdé wa tí ń bọ̀.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
Akọ̀wé