Ẹ̀bẹ̀ Lẹ́yìn Ìjà Tọkọtaya ní Èdè Pọtogí: Ta ni Olùwà Ọ̀rọ̀-ìṣe?

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ tí ẹni tí Yorùbá jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ fi èdè Pọtogí kọ sí olólùfẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìjà, nígbà tí Pọtogí jẹ́ èdè abínibí olólùfẹ́ náà. Pọtogí tí wọ́n ń sọ ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì ni a mú lò. Irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè pé ní gírámà láìní àléébù kan, síbẹ̀ kí ó tún ìjà náà dá sílẹ̀. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé kì í ṣe àìmọ èdè ló ń fa èyí. Ohun tó ń fà á ni pé èdè méjèèjì kò gbé ẹ̀bi sí ibì kan náà nínú gbólóhùn ẹ̀bẹ̀.

Láti ìgbà tí Austin (1962) ti fi hàn pé sísọ ọ̀rọ̀ lè jẹ́ ṣíṣe nǹkan ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ń wo ẹ̀bẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Olshtain àti Cohen (1983) pín ohun tí ó lè wà nínú ẹ̀bẹ̀ sí márùn-ún: ọ̀rọ̀ ìtúúbá gan-an, gbígba ẹ̀bi, àlàyé ohun tó fà á, ìlérí àtúnṣe, àti ìlérí pé irú rẹ̀ kò ní wáyé mọ́. Ìkejì, ìyẹn gbígba ẹ̀bi, ni iṣẹ́ yìí yóò tẹ̀ lé, nítorí pé òun ni ó máa ń sọnù lọ́nà nígbà tí ẹ̀bẹ̀ bá ti inú Yorùbá bọ́ sínú Pọtogí.

2.0 Àpẹẹrẹ tí a ó yẹ̀ wò

Ká sọ pé ọmọ Yorùbá kan ń gbé pẹ̀lú aya rẹ̀ ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bàhíà, níbi tí wọ́n ti bí aya náà. Ọkọ ti ṣèlérí pé òun yóò bá a lọ jẹun ọ̀sán ní ilé ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Ó gbàgbé. Nígbà tí aya bi í léèrè lálẹ́, ó jágbe mọ́ ọn. Aya lọ sùn sí ilé ìyá rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ yìí:

(1) «Meu amor, não fique brava. Sinto muito. Se eu te ofendi ontem, me perdoa. Eu gritava com você porque estava cansado.»

Ohun tí ó ní lọ́kàn ni: «Olùfẹ́ mi, má bínú. Pẹ̀lẹ́. Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́ lánàá, dárí jì mí. Mo ń jágbe mọ́ ọ nítorí pé ó ti rẹ̀ mí ni.» Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò ní rí àléébù kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀bẹ̀ tó tọ́, tó sì tutù ni. Etí aya náà kò lè gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, a ó sì wo gbólóhùn mẹ́rin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

3.0 «Má bínú» àti «pẹ̀lẹ́»

«Má bínú» jẹ́ gbólóhùn àṣẹ ní ìyísódì. Ẹni tí a ń bẹ̀ ni olùwà rẹ̀, inú rẹ̀ tó bí sì ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ẹni tó ṣẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ní ilé Yorùbá, èyí kò dí ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ ló ń bẹ̀bẹ̀. Ohùn a rẹlẹ̀, ara a tẹ̀ ba, ẹni tó ṣẹ̀ a sì máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ẹni tí ó ṣẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le, àgbàlagbà a bá a dá sí i. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń gba ẹ̀bi, tí ẹnu fi lè dojú kọ títu ẹni tí inú ń bí nínú. Lórí fóònù, gbogbo wọn ti dànù. Ohun tó kù lójú aya ni «não fique brava», èyí tó pàṣẹ fún un pé kó má ṣe bínú. Etí rẹ̀ lè gbọ́ ọ bí ẹni pé ìbínú òun gan-an ni wàhálà tó wà nílẹ̀.

«Sinto muito» ni èyí tó sún mọ́ «pẹ̀lẹ́» jù lọ. Bí a ṣe ń kí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ní pẹ̀lẹ́ láìjẹ́ pé àwa la ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ará Bùràsíìlì ń sọ «sinto muito» fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ìbákẹ́dùn ni. Òótọ́ ni pé ẹni tó jẹ̀bi náà lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá dá dúró, tí a kò sọ ohun tí a ṣe, ó lè dún bí ẹni pé ibòmíràn ni ìbànújẹ́ náà ti wá.

Ọ̀rọ̀ tó ń gbé ẹ̀bi sí ojútáyé ní Pọtogí ni «desculpa». Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ «des-», tó ń tú nǹkan kúrò, ló wà lára «culpa», tí í ṣe ẹ̀bi. Ẹni tó bá ní «desculpa» ti gbà, nínú ìhun ọ̀rọ̀ náà, pé ẹ̀bi kan wà lọ́rùn òun tí òun fẹ́ kí wọ́n bá òun sọ̀ kalẹ̀. Ewu kan wà níbẹ̀ o. «Desculpa» tún jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tó túmọ̀ sí àwáwí. «Pedir desculpa» ni kí a tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n «dar desculpa» ni kí a máa ṣe àwáwí. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú rẹ̀ nìkan ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

4.0 «Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́»

Nínú Yorùbá, «bí mo bá ṣẹ̀ ọ́» jẹ́ ọ̀nà ìtẹríba. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kò fẹ́ dá ẹjọ́ ara rẹ̀. Ó fi ìdájọ́ lé ẹni tí ó ń bẹ̀ lọ́wọ́. «Se eu te ofendi» kò gbé ìtẹríba yìí dání. Ó fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà sínú awẹ́ gbólóhùn oníbí, èyí tó fi hàn pé ó lè ṣẹlẹ̀, ó sì lè má ṣẹlẹ̀. Aya tó sun ẹkún ní àná lè ka èyí pé ọkọ òun ṣì ń ṣiyèméjì bóyá ó ṣẹ òun.

Ìhun tó yanjú èyí ni «por» tí a fi ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe tí a kò fi ẹni hàn lára rẹ̀, pẹ̀lú «ter» tó ń fi hàn pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀:

(2) «Desculpa por ter gritado com você.»

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni «Dárí jì mí fún jíjágbe tí mo jágbe mọ́ ọ.» Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè sọ (2) láìgbà pé ariwo náà wáyé. Gbólóhùn náà kò jiyàn lórí rẹ̀. Ó ti gbà á kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

5.0 «Gritava» tàbí «gritei»

Àṣìṣe tó fara sin jù lọ wà nínú gbólóhùn kẹrin. Wúnrẹ̀n «ń» ní Yorùbá lè tọ́ka sí ohun tó ń lọ lọ́wọ́, ó sì lè tọ́ka sí ohun tí a máa ń ṣe. Nítorí náà, ẹni tó ń ro «mo ń jágbe mọ́ ọ» rọrùn láti kọ «eu gritava com você». Ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ tí «gritava» dúró fún kò ní òpin. Nígbà tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan nítòsí tó dè é mọ́ alẹ́ ọjọ́ kan pàtó, ìtumọ̀ tó kọ́kọ́ sọ sí onílé-èdè lọ́kàn lè jẹ́ «mo máa ń jágbe mọ́ ọ». Ọkọ tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ìjágbe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti jẹ́wọ́ àṣà, ó sì ti fi àárẹ̀ gbe àṣà náà lẹ́sẹ̀. «Gritei» ni ó yẹ, nítorí pé ìṣe tó ti parí ni. Bí ó bá fẹ́ fi hàn pé ohun náà ń lọ lọ́wọ́ ní àkókò kan, «estava gritando» ni yóò lò, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kò nílò ìyẹn.

6.0 Àtúnkọ

Ọ̀nà kan wà tí a lè fi yẹ irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí wò kí a tó fi ránṣẹ́. Kí a mú ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a bi í pé ta ni olùwà rẹ̀, àti pé ṣé ìṣe tó ti parí ni. Nínú (1), «você» ni olùwà «fique», ẹni tí a ń bẹ̀ náà sì ni olùwà «perdoa». «Eu» ni olùwà «sinto», ṣùgbọ́n ìmọ̀lára ni ìyẹn. «Ofendi» jẹ́ ìṣe tó parí, àmọ́ ó wà lábẹ́ «se». «Gritava» kò parí, «estava cansado» sì jẹ́ àlàyé. Kò sí ibì kankan tí ọkọ ti jẹ́ olùwà ohun kan tí ó ṣe tán ní tòótọ́. Àtúnkọ rẹ̀ nìyí:

(3) «Meu amor, desculpa por ter esquecido o almoço na casa da sua mãe e por ter gritado com você ontem. A culpa foi minha. Hoje vou ligar para a sua mãe e pedir desculpa a ela também. Quando você quiser, a gente conversa.»

Gbólóhùn kìíní dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: gbígbàgbé oúnjẹ ọ̀sán àti jíjágbe. «A culpa foi minha» kò jìnnà sí «ẹ̀bi mi ni» tí Yorùbá náà ní. Ọkọ kò nílò láti lọ yá èrò yìí, ó kàn gbọ́dọ̀ rántí láti fi ẹnu sọ ohun tí ara ì bá sọ ní ilé. Gbólóhùn kẹta jẹ́ àtúnṣe: òun yóò pe ìyá aya lórí fóònù lónìí, yóò sì bẹ òun náà. Àárẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ó bá pọn dandan láti sọ ọ́, ìgbà tí wọ́n bá jọ jókòó ni àyè rẹ̀.

Gbólóhùn ìkẹyìn ló yẹ kí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè fara balẹ̀ wò. «Quiser» jẹ́ ìrísí tí Pọtogí yà sọ́tọ̀ fún ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, tí a kò sì mọ ọjọ́ rẹ̀. «Nígbà tí o bá fẹ́» ni Yorùbá yóò pè é. «Bá» tó sọ ẹ̀ṣẹ̀ di iyèméjì nínú (1) rí ibùjókòó tó tọ́ sí i níbí: ó kúrò lórí ohun tí ọkọ ti ṣe, ó sì bọ́ sórí ohun tó wà lọ́wọ́ aya láti pinnu. Ìtẹríba tí ọkọ ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ kò sọnù. Ipò rẹ̀ nínú gbólóhùn ló yí padà.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Ààlà wà fún ohun tí iṣẹ́ yìí sọ. Pọtogí ti Bùràsíìlì ni (3). Ní ìlú Lisibọ́ọ̀nù, «tu» ni tọkọtaya sábà máa ń lò fún ara wọn. «Contigo» ni yóò rọ́pò «com você», «tua» yóò sì rọ́pò «sua». Níbẹ̀, bí ẹnì kan bá kọ «desculpe» dípò «desculpa» sí aya rẹ̀, ó ti bá a sọ̀rọ̀ bí àlejò. Ìtúpalẹ̀ yìí kò sì lè sọ bóyá aya yóò dárí jì. Ohun tó lè sọ ni pé ẹni tó gba (1) ṣì ní láti béèrè bóyá ọkọ òun mọ ohun tí ó ṣe, àmọ́ ẹni tó gba (3) ti bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè yẹn. Ohun tó kù fún un láti pinnu ni ìgbà tí àwọn méjèèjì yóò jọ sọ̀rọ̀.