Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Òbí: Bí Ẹ Ṣe Lè Ran Ọmọ Lọ́wọ́ Lórí Dẹ́símà Nílé

Ẹ̀yin òbí wa,

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí àwọn ọmọ puráímárì 5 ń gbé bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ yìí dá lórí dẹ́símà, ìyẹn nọ́ńbà tó ní pọ́ìntì nínú. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ní kí wọ́n to 0.4, 0.35 àti 0.125, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré jù. Orí ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ dúró sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣìnà, ẹni tó bá sì ti ṣìnà níbẹ̀ yóò máa gbé àṣìṣe náà kiri títí dé ìsàlẹ̀ ìwé.

Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò kọ 0.4, lẹ́yìn náà 0.35, kí wọ́n tó wá kọ 0.125. Ẹ má ṣe sọ pé ọmọ náà kò fọkàn sí i. Ó ronú, ṣùgbọ́n ohun tó ti mọ̀ láti kékeré ló ṣì í lọ́nà. Látìgbà tó ti ń ka ení, èjì, nọ́ńbà tó bá gùn ló máa ń tóbi: 125 ju 35 lọ, 35 sì ju 4 lọ. Ó wo ẹ̀yìn pọ́ìntì, ó rí 4, 35 àti 125, ó sì tò wọ́n bó ṣe máa ń tò wọ́n. Bí a ṣe ń kà á sókè náà máa ń dá kún un. Ẹni tó bá pe 0.35 ní “òdo pọ́ìntì márùndínlógójì” ti fi márùndínlógójì sí ọmọ létí, ọmọ á sì gbà pé odidi márùndínlógójì ló wà níbẹ̀. Ẹ bá wa pè é ní “òdo pọ́ìntì mẹ́ta, márùn-ún”, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Téèpù télọ̀ ló dára jù láti fi tún èyí ṣe. Púpọ̀ nínú rẹ̀ gùn tó 150 sẹ̀ǹtímítà, ṣùgbọ́n ẹ ká ohun tó bá kọjá 100 sẹ́yìn, kí ọmọ má rí i. Ẹ rí i pé ojú tí wọ́n kọ sẹ̀ǹtímítà sí lẹ ń lò. Ojú kejì tó ní ínǹṣì kò pín sí mẹ́wàá mẹ́wàá, yóò sì da ọmọ rú. Ẹ wá sọ fún un pé láti ìbẹ̀rẹ̀ téèpù dé 100 jẹ́ odidi kan, ìyẹn mítà kan. Ẹ ní kó pín in sọ́nà mẹ́wàá. Á rí i pé ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10 sẹ̀ǹtímítà. Ìyẹn ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn pọ́ìntì ń kà: ìdá mẹ́wàá. Nọ́ńbà kejì ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ń ka mílímítà, àwọn ìlà tín-tìn-tín tó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà kan sí èkejì.

Kó wá fi ìka sí ibi tí 0.4 wà. Ìpín mẹ́rin nìyẹn, ó bọ́ sí 40. Fún 0.35, ìpín mẹ́ta àti sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ó bọ́ sí 35. Fún 0.125, ìpín kan, sẹ̀ǹtímítà méjì àti mílímítà márùn-ún, ó bọ́ sí àárín 12 àti 13. Ìka rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún un pé 0.125 ló kéré jù, 0.35 ló tẹ̀ lé e, 0.4 ló sì tóbi jù.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ nǹkan kan. Bí ọmọ yín bá gba ìbéèrè yìí lójú ẹsẹ̀, ẹ má tíì fi í sílẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé òdìkejì ni wọ́n gbà gbọ́: wọ́n ti gbọ́ pé ìdá ọgọ́rùn-ún kéré sí ìdá mẹ́wàá, wọ́n wá gbà pé nọ́ńbà tó bá ti gùn lẹ́yìn pọ́ìntì gbọ́dọ̀ kéré. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe yẹ, láìmọ ìdí rẹ̀. Ẹ bi í pé nínú 0.3 àti 0.45, èwo ló pọ̀ jù? Bó bá mú 0.3, ẹ ti rí i nìyẹn. Ẹ tún gbé téèpù jáde. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé, yálà ọmọ gbà á tàbí kò gbà á, ẹ máa bi í pé, “Báwo lo ṣe mọ̀?”

Àwọn òbí kan máa ń fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Náírà àti kọ́bọ̀ dára lóòótọ́, 100 kọ́bọ̀ ni náírà kan, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí kò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ rí. Wọ́n á ní ₦4.5 jẹ́ náírà mẹ́rin àti kọ́bọ̀ márùn-ún, nígbà tó jẹ́ àádọ́ta kọ́bọ̀. Owó kò sì lè ṣàlàyé 0.125 fún wọn. Téèpù ni mo fara mọ́.

Àròpọ̀ ló kàn nínú ìwé náà. Ẹ wo 2.5 + 0.75. Ọmọ tó bá to nọ́ńbà láti apá ọ̀tún, bó ṣe ń ṣe fún odidi nọ́ńbà, yóò gbé 5 ti 2.5 sábẹ́ 5 ti 0.75, yóò gbé 2 sábẹ́ 7, yóò sì rí 1.00. Kí ẹ tó sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ bi í pé, “2.5 nìkan ti ju 2 lọ. A tún fi nǹkan kún un. Ṣé ó lè wá di 1?” Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kó ronú. Lẹ́yìn náà ni kó tún un kọ sínú ìwé ìṣirò tó ní àpótí kéékèèké, nọ́ńbà kan nínú àpótí kan, kí pọ́ìntì sì wà lábẹ́ pọ́ìntì:

```
  2.50
+ 0.75
------
  3.25
```

Òdo tí a fi sẹ́yìn 2.5 kò yí i padà. Bí ọmọ bá ń ṣiyèméjì, ẹ ní kó wá 0.5 àti 0.50 lórí téèpù. Orí 50 ni méjèèjì wà.

Ohun kan ṣì kù tó jẹ́ pé ilé ni wọ́n ti sábà máa ń kọ́ ọ. A máa ń sọ fún ọmọ pé bó bá fẹ́ fi 10 sọ nọ́ńbà di púpọ̀, kó kàn fi òdo kan sẹ́yìn. Ìyẹn tọ̀nà fún 35, ó di 350. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fi òdo sẹ́yìn 0.35, 0.350 ló máa kọ, kò sì kúrò níbi tó wà. 3.5 ni ìdáhùn, torí pé aṣọ mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 35 sẹ̀ǹtímítà yóò jẹ́ 350 sẹ̀ǹtímítà lápapọ̀, ìyẹn mítà mẹ́ta àti ààbọ̀. Ẹ bá wa fi òfin òdo yẹn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Bí ó bá di pé ọmọ ń sunkún tàbí ó ń méfò, ẹ jẹ́ kó pa ìwé dé. Ẹ má bá a kọ ìdáhùn, ẹ má sì pa èyí tó ṣì rẹ́. Inú èyí tó ṣì ni olùkọ́ ti ń rí bí ọmọ ṣe rò ó. Ẹ kàn kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè náà pé ibí ló ti dúró, kí ẹ sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí wa bó ṣe wà.